Ìwé Ètò Òwò fún Òṣìṣẹ́ Tó Jẹ́ Pé Alẹ́ Nìkan Ló Ń Rí Ṣáàtì Wò

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn. Aago 8 àárọ̀ ló ń wọlé iṣẹ́, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá sì jẹ́ kó ráyè, ó ń délé ní aago 7 alẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ òwò fọ́rẹ́ẹ̀sì, ìyẹn fífi owó orílẹ̀-èdè kan ra ti òmíràn lórí fóònù, bó ṣe ń ṣe é nìyí: tó bá jẹun tán, á ṣí ṣáàtì oníṣẹ́jú márùn-ún, àwòrán tó ń fi bí iye ṣe ń yí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún hàn, á máa rà, á máa tà, títí oorun á fi gbé e lọ. Tó bá wà níbi iṣẹ́, á yọ́ lọ sí ilé ìgbẹ́ láti lọ yọjú wo fóònù. Ní oṣù kẹrin ló tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí, kí ló dé tí owó mi ń dín kù lójoojúmọ́?" Mo ní kó gbé ìwé ètò òwò rẹ̀ jáde kí n kà á. Ó ní kò sí lórí ìwé, ó wà lọ́kàn òun.

Mo ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó wà lọ́kàn ń yí padà bí iye owó bá ṣe ń yí lójú ṣáàtì. Ìwé ètò kì í sọ bí ọjà yóò ṣe rí lọ́la. Ohun tó ń sọ ni ohun tí ìwọ yóò ṣe bí ó bá rí báyìí, àti ohun tí o kò ní ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. A kọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ má baà máa ronú ohun tuntun lóru. Kó kàn bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta, kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó lọ sùn.

Àkókò ni ìlà àkọ́kọ́ tí a kọ, torí òun ló ń da àwọn òṣìṣẹ́ rú jù. Ọjà fọ́rẹ́ẹ̀sì kì í tì láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń ṣí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ń tì ní ọjọ́ Ẹtì ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ Niu Yọ́ọ̀kì. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ Niu Yọ́ọ̀kì yìí náà ni wọ́n fi ń parí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, aago 10 alẹ́ nìyẹn láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Láàárín oṣù yòókù, ó di aago 11 alẹ́, torí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń yí aago wọn padà, àwa kì í yí tiwa. Bákan náà ló rí ní Kútọnu. Ẹni tó bá wà ní Lomé, kó yọ wákàtí kan kúrò. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló rọrùn fún jù, torí aago 10 ni tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jálẹ̀ ọdún.

Ẹ wò ó dáadáa: ìgbà tí ọjọ́ ń parí lórí ṣáàtì ni òṣìṣẹ́ ti délé, tó ti wẹ̀, tó ti jẹun. Ṣáàtì olójoojúmọ́, èyí tí áàpù ń kọ sí D1, ń ya àbẹ́là kan fún ọjọ́ kan. Àbẹ́là kan ń sọ ohun mẹ́rin: iye tí ọjọ́ fi bẹ̀rẹ̀, ibi tó ga dé, ibi tó rẹlẹ̀ dé, àti iye tó parí sí. Kó tó parí, ó lè tàn ọ́ jẹ. Ó lè ga ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, kó sì ti wálẹ̀ pátápátá ní aago 9. Nítorí náà a kò jókòó ti oníṣẹ́jú márùn-ún mọ́, ọjọ́ tó ti parí nìkan là ń kà. Èrò tèmi nìyí, ọ̀pọ̀ kò sì ní gbà: ẹni tó bá délé ní aago 7 kò ní ohun kan tó ń wá lórí ṣáàtì oníṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́ńdọ̀nù ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nígbà náà, Niu Yọ́ọ̀kì náà ti lo ju ìdajì ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìrìn ọjà sì ti kúrú lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ owó tí búrókà, ilé iṣẹ́ tó ń bá wa rà, tó ń bá wa tà, ń gbà lórí òwò kọ̀ọ̀kan kò dín.

Ẹ má sì ṣí i ní aago 10 gééré. Ní àsìkò yẹn, àwọn báńkì ńlá ní Amẹ́ríkà ń tì, àwọn ti Éṣíà kò tíì jí tán, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ àti iye tí wọ́n ń tà á fún ọ ń fẹ̀ sí i. Lórí yúrò sí dọ́là, àlàfo tó jẹ́ píìpù kan tàbí méjì lọ́sàn-án lè di ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Píìpù ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá: bí 1.0860 bá di 1.0861, píìpù kan ló fi lọ sókè. A kọ aago 10:45 sínú ìwé, nígbà tí àlàfo náà bá ti padà sí ipò rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, aago 11:45 ló ń já sí, èyí kò sì rọrùn fún ẹni tó ń jí ní aago 5. Àbúrò mi yàn láti ka àbẹ́là tirẹ̀ ní aago 5 ìdájí nínú àwọn oṣù náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹni tí òwúrọ̀ rẹ̀ kò bá gbà á, oorun díẹ̀ ni yóò fi san án.

Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ka àbẹ́là ọ̀sẹ̀ kan lórí D1 rẹ. Ó yẹ kó jẹ́ márùn-ún. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, tí ẹyọ kékeré kan wà fún ọjọ́ Àìkú, aago búrókà rẹ kò bá ti Niu Yọ́ọ̀kì mu, ìgbà mìíràn ni ọjọ́ tìrẹ ń parí, òfin tí a fẹ́ kọ yìí kò sì ní bá ṣáàtì rẹ lọ.

Òfin ìwọlé wá kàn. A mú ohun kan ṣoṣo, EURUSD, ìyẹn yúrò sí dọ́là, torí pé òun ni wọ́n ń ná jù lágbàáyé, àlàfo rẹ̀ sì kéré. Ìbéèrè mẹ́ta ni a kọ fún rírà. Ṣé iye ìparí òní wà lókè ìpíndọ́gba iye ìparí 50 ọjọ́? Ìyẹn ni ìlà tí áàpù ń yà tí o bá mú Moving Average, tí o sì kọ 50 sí i. Ṣé ọjọ́ méjì ó kéré tán ti tẹ̀ lé ara wọn tí wọ́n ń parí sí ìsàlẹ̀ kí òní tó dé? Ṣé òní sì parí sókè ju ibi tí àná ga dé lọ? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a ó ṣe nǹkan. Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí tó bá di pé à ń bá ara wa jiyàn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Fún títà, ká yí i padà. Kì í ṣe pé òfin yìí ní àṣírí kankan nínú. Ẹlòmíràn lè ní tirẹ̀ tó yàtọ̀ pátápátá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹni méjì tó bá ka ṣáàtì kan náà yóò dáhùn bákan náà. "Kí ọjà máa lọ sókè dáadáa" kì í ṣe òfin, torí "dáadáa" tìrẹ lónìí lè má jẹ́ tọ̀la.

Ká wá fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àbẹ́là ọjọ́ náà ga dé 1.0862, ó rẹlẹ̀ dé 1.0786. A kì í rà lójú ẹsẹ̀. Àṣẹ ni a ń fi sílẹ̀ fún búrókà, èyí tí áàpù ń pè ní Buy Stop: bí iye bá gòkè dé ibi báyìí, bá mi rà á, bí kò bá dé ibẹ̀, má rà á. Píìpù márùn-ún lókè ibi tó ga dé la fi í sí, a sì fi píìpù méjì kún un fún àlàfo, ó di 1.0869. Ìdí tí a fi ń fi àlàfo kún un ni pé iye tí ẹni tó ń tà yóò gbà ni ṣáàtì ń yà, iye tí ẹni tó ń rà yóò san sì máa ń ga ju ìyẹn lọ díẹ̀. Ààlà àdánù wa, èyí tí áàpù ń pè ní Stop Loss, wà ní píìpù márùn-ún lábẹ́ ibi tó rẹlẹ̀ dé, ìyẹn 1.0781. Àárín méjèèjì jẹ́ píìpù 88. Ààlà èrè, Take Profit, jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn, píìpù 176 lókè ibi tí a ti rà á: 1.1045.

Èló ni ká rà? Níbí ni owó àbúrò mi ti ń jò. Ó ń yan iye tó wù ú, lẹ́yìn náà ló ń wo ibi tí ààlà àdánù yóò wà. Ìdàkejì rẹ̀ ló yẹ. Ìwé wa sọ pé òwò kan kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú akáǹtì. Ká ní 1,000 dọ́là ló wà níbẹ̀. Ó di pé 10 dọ́là ni a lè pàdánù. Iye tó kéré jù tí ọ̀pọ̀ búrókà ń gbà ni lọ́ọ̀tì 0.01, ẹgbẹ̀rún kan yúrò, píìpù kan lórí rẹ̀ sì jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Ìṣirò rẹ̀ rèé:

```
10 ÷ (88 × 0.10) = 1.14
```

1.14 kò pé méjì, nítorí náà ẹyọ kan ni a ó rà, 0.01. A kì í sún un sókè, ìsàlẹ̀ là ń sún un sí. Bí ọjọ́ náà bá burú, 8.80 dọ́là ni yóò lọ.

Bí àbẹ́là bá wá gùn ńkọ́, tí àárín ìwọlé àti ààlà àdánù jẹ́ píìpù 130? Ìṣirò náà yóò fún wa ní 0.77, kò tó ẹyọ kan. Ìwé sọ pé kò sí òwò lọ́jọ́ náà. Ohun tí ọwọ́ máa ń fẹ́ ṣe ni pé kó fa ààlà àdánù súnmọ́ tòsí kí ìṣirò lè gbà á. Àmọ́ ibi tí ààlà wà lábẹ́ àbẹ́là ni òfin wa ti gbà pé a ti ṣàṣìṣe. Tí o bá fà á wọ inú àbẹ́là, ìrìn ọjà ojoojúmọ́ lásán yóò gbé e. Ohun kan náà ló fi hàn pé akáǹtì 300 dọ́là tí àbúrò mi ní kéré fún ètò yìí: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 3 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ẹyọ tó kéré jù fẹ́ gba 8.80. Àwọn búrókà kan ní akáǹtì oní-sẹ́ǹtì, tó jẹ́ pé ẹyọ wọn tún kéré sí èyí. Ibẹ̀ ló lọ. Kò fi owó oṣù kún un, ìwé ètò sì kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù, pàápàá lẹ́yìn àdánù.

Tí àṣẹ náà bá ti wà nílẹ̀, kí ni òṣìṣẹ́ ń ṣe lọ́sàn-án? Kò sí nǹkankan. Lórí ẹ̀rọ búrókà ni àṣẹ Buy Stop, Stop Loss àti Take Profit wà, kì í ṣe lórí fóònù rẹ. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wábi gbà, bátìrì lè kú, wọn yóò ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí ohun kan ṣá: lórí áàpù MetaTrader, Trailing Stop, èyí tó ń sún ààlà àdánù tẹ̀ lé iye bó ṣe ń gòkè, ẹ̀rọ tìrẹ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí o bá pa kọ̀ǹpútà, ó dúró. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń rò pé nǹkan ń ṣọ́ owó àwọn ní ọ̀sán, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. A kò fi í sínú ètò wa. A tún pa ìró ìkìlọ̀ áàpù lórí fóònù. Ohun mẹ́ta ni a gbà láàyè lálẹ́: fífi àṣẹ tuntun sílẹ̀, pípa àṣẹ àná tí ọjà kò dé rẹ́, àti títi òwò tó ti lo ọjọ́ mẹ́wàá tí kò jẹ, tí kò mu. Sísún ààlà àdánù jìnnà sí i kò sí lára wọn.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi fi ìbínú pè mí. Ó ti tà, ààlà àdánù rẹ̀ wà lókè, àbẹ́là kò sì kan ibẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ti tì í. Ó ní búrókà ti jí òun lówó. Mo ní kó wo aago tí wọ́n tì í. Aago 10 kọjá ìṣẹ́jú méjì alẹ́ ni. Ẹni tó bá tà, iye ríra ni yóò fi jáde, ṣáàtì kì í sì í yà á. Nígbà tí àlàfo fẹ̀ ní aago 10, iye ríra gòkè dé ibi ààlà, iye tó wà lórí ṣáàtì kò sì mira. Láti ọjọ́ náà ni a ti kọ ọ́ pé nínú títà, kí a fi píìpù mẹ́wàá kún ààlà àdánù, kí a sì fi iye tuntun yìí ṣe ìṣirò ẹyọ tí a ó tà. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, aago ni kó kọ́kọ́ wò.

Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Òru ọjọ́rú ni wọ́n ń ṣírò owó ìsùn, èyí tí búrókà ń gbà tàbí san lórí òwò tó bá sùn mọ́jú, ní ìlọ́po mẹ́ta, torí wọ́n ń ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ọn. Lórí 0.01, sẹ́ǹtì ni, ṣùgbọ́n kó má yà ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ Ẹtì kò sí àṣẹ tuntun, torí aago 10 tàbí 11 alẹ́ ni ọjà tì. A ń ka àbẹ́là rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, a sì ń fi àṣẹ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn wákàtí kan tí ọjà ti ṣí, kí iye tó bá fò láàárín òpin ọ̀sẹ̀ má baà gbé wa wọlé níbi tí a kò rò. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ oṣù, ìjọba Amẹ́ríkà ń kéde iye àwọn tó rí iṣẹ́, ní aago 1:30 ọ̀sán wa, tàbí 2:30 tó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn. Yúrò sí dọ́là máa ń fò nígbà náà, òṣìṣẹ́ sì wà lórí àga ọ́fíìsì. Nítorí náà, kò sí àṣẹ tuntun lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ibì kan wà tí ètò kò lè dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 2015, báńkì àpapọ̀ Suwisalandi kéde lójijì pé àwọn kò ní mú yúrò dúró sí fíránkì 1.20 mọ́, ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011. Aago 10:30 àárọ̀ ni, Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà níbi iṣẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yúrò ti já sí ìsàlẹ̀ fíránkì kan. Àwọn tó fi ààlà àdánù sí tòsí 1.20 kò jáde níbẹ̀, torí kò sí ẹni tó fẹ́ rà á níbẹ̀; ibi tí ẹni tó ń rà wà ni wọ́n ti jáde, ó sì jìnnà. Àwọn kan jẹ búrókà wọn ní gbèsè. Ààlà àdánù jẹ́ àṣẹ, kì í ṣe ìdánilójú. Ìyẹn ló fà á tí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fi kéré tó bẹ́ẹ̀: bí ó bá di ìlọ́po márùn-ún lọ́jọ́ burúkú, akáǹtì kò ní kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó lè mú wá náà. Nínú òwò mẹ́wàá bíi ti àpẹẹrẹ wa, ká ní mẹ́rin jèrè, mẹ́fà pàdánù. Mẹ́rin mú 70.40 dọ́là wá, mẹ́fà kó 52.80 lọ. Ó ku 17.60, kí a tó yọ owó ìsùn. Òwò mẹ́wàá lórí ṣáàtì olójoojúmọ́ sì lè gba oṣù mélòó kan kó tó pé, torí ọ̀pọ̀ alẹ́ ni ìdáhùn máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mẹ́ta péré bá jèrè, ó ti di àdánù nìyẹn. Nígbà tí àbúrò mi rí iye yìí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tó owó ọkọ̀ mi." Òótọ́ ni. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sókè ìwé ètò, kó má baà gbàgbé lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ fún un pé ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ ló kù. Òwò kọ̀ọ̀kan gba ìlà kan: ọjọ́, ibi ìwọlé, ààlà méjèèjì, èyí tó jẹ tàbí tó pàdánù, àti ọ̀rọ̀ kan ní ìparí, "mo tẹ̀ lé" tàbí "mi ò tẹ̀ lé". Tó bá pé ogún òwò, ya oríṣi méjèèjì sọ́tọ̀, kí o ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àwọn tí o tẹ̀ lé bá ń pàdánù, òfin náà kò dára tó, ibẹ̀ ni kí o tún ṣe, lẹ́yìn tí o bá ti yẹ ṣáàtì ọdún méjì sẹ́yìn wò pẹ̀lú bírò. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí o kò tẹ̀ lé ló ń kó owó lọ, má fọwọ́ kan òfin. Nínú ogún àkọ́kọ́ tí àbúrò mi kọ, méje ni kò tẹ̀ lé. Mo ní kó wo aago tó ṣí wọn. Márùn-ún nínú wọn, láàárín aago 11 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni.